Bàálù tó kéré ju ẹyẹ lọ lójú rédà, àti síkúrù mẹ́ta tó fẹ́ tú àṣírí rẹ̀

Ní ọdún 1975, nínú aṣálẹ̀ Mojave ní Kalifóníà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin kan gbé ère bàálù tí wọ́n fi igi ṣe lé orí òpó. Ère náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, gbogbo ara rẹ̀ sì jẹ́ kìkì igun àti ojú pẹlẹbẹ, bí òkúta dáyámọ́ńdì tí wọ́n gé. Ben Rich, ọ̀gá àwọn tó ṣe é ní ilé-iṣẹ́ Lockheed, wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń wo rédà. Àfi bí ẹni tó ń wo rédà ṣe yíjú sí i, tó ní kó jọ̀ọ́ lọ yẹ ère rẹ̀ wò, pé ó jọ pé ó ti já bọ́ lórí òpó, nítorí òun ò rí i mọ́.

Rich yọjú wo ìta. Ère wà níbi tó wà, kò mì rárá. Bó ti ń wò ó lọ́wọ́ ni ẹyẹ dúdú kan fò wá, ó bà lé e lórí gbáà. Kíá, ẹni tó ń wo rédà ní òun ti rí i báyìí. Ẹyẹ ló rí o! Rich fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí sínú ìwé tó gbé jáde ní 1994, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ò sọ fún ọkùnrin náà pé ẹyẹ ló ń wò.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè ní àféẹ̀rí ni àwọn òyìnbó lò. Kò sí àféẹ̀rí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé yín láti ìdí.

Rédà kì í ṣe ojú tó ń wòran bíi tiwa. Ìgbì ló ń jù jáde, irú ìgbì tí rédíò ń lò, bí ìgbà téèyàn ń tan tọ́ọ̀ṣì lóru. Ìgbì yẹn á lọ kọlu nǹkan, èyí tó bá sì ta padà wá bá rédà ló fi ń mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Tí kò bá sí èyí tó padà, òfìfo ni lójú rẹ̀.

Ẹ gbé dígí ìwojú sínú òkùnkùn, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i ganboro. Ìmọ́lẹ̀ á ta yín lójú. Ẹ wá dá dígí yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Dígí kan náà ni, kò fọ́, kò kéré sí i, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ti lọ bá ògiri, kò padà sọ́dọ̀ yín mọ́. Ẹ gbé dígí kúrò, ẹ gbé ìkòkò irin dídán kan síbẹ̀. Bó ti wù kí ẹ yí i tó, ibì kan lára ikùn rẹ̀ á ṣáà kọjú sí yín, á sì máa dán. Bí ara bàálù tó wọ́pọ̀ ṣe rí nìyẹn, ó rí roboto bí ìkòkò, kò sí ibi tí rédà ti wò ó tí kò ní rí ibi tó dán.

Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n fún un. Wọn kì í wo bí bàálù ṣe gùn tó ní tòótọ́, bó ṣe tóbi tó lójú rédà ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n sì ń fi mítà onígun mẹ́rin kà á. Àwọn nǹkan méjèèjì yìí kì í bára wọn mu rárá. Páànù pẹlẹbẹ kan tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, tó bá kọjú ganboro sí rédà tí ìgbì rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, á tóbi lójú rédà yẹn bíi mítà onígun mẹ́rin 14,000. Páànù kan ṣoṣo o! Ẹ dá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Èyí tó burú jù ni ibi tí páànù méjì bá ti pàdé bí igun yàrá. Bí ọmọdé bá ju bọ́ọ̀lù sí igun yàrá, bọ́ọ̀lù á gbá ògiri méjèèjì, á sì padà wá bá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbì ń ṣe níbi tí ìrù bàálù ti dúró lórí ara rẹ̀, àti nínú ẹnu ẹ́ńjìnnì, tó dà bí ihò tí ohùn ti ń dún padà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn Lockheed fi ní kí gbogbo ara bàálù tiwọn jẹ́ ojú pẹlẹbẹ tó dá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n dá ìrù rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fi àwọ̀n irin bo ẹnu ẹ́ńjìnnì, ojú àwọ̀n náà kéré débi pé ìgbì rédà ò lè gbà á wọlé. Wọ́n fi wúrà tín-ín-rín kun dígí ibi tí awakọ̀ ń jókòó, kí ìgbì má baà wọlé lọ rí orí èèyàn àti àga.

Àmọ́ etí páànù ńkọ́? Bí ojú pẹlẹbẹ bá tiẹ̀ ju ìgbì síbòmíràn, ìgbì díẹ̀ á ṣì máa fọ́n ká létí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti sú gbogbo èèyàn, torí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe lè ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ ni Pyotr Ufimtsev, ará Rọ́ṣíà, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní Mọ́síkò ní 1962. Ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ò rí ohun tó lè ṣe lánfààní nínú rẹ̀, wọ́n bá jẹ́ kí ayé kà á. Sójà òfurufú Amẹ́ríkà túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Lockheed, Denys Overholser, kà á, ó sì rí i pé òun lè kó ìṣirò náà sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ò lágbára, ojú pẹlẹbẹ nìkan ló lè ṣírò, ìdí rèé tí bàálù náà fi rí jágajàga bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀tá ló fọwọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀tá ní kọ́kọ́rọ́.

Ìbéèrè tí oníṣòwò á bi ni pé, èrè wo ló wà níbẹ̀? Ká ní rédà kan ń rí bàálù tó tóbi ní mítà onígun mẹ́rin 10 láti kìlómítà 300. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ìlàjì lójú rédà, èèyàn á rò pé yóò sún mọ́ kìlómítà 150 kí wọ́n tó rí i. Rárá o. Nǹkan bíi 250 ni wọ́n á ti rí i. Ìgbì tó ń lọ ń fẹ̀ lójú ọ̀nà, agbára rẹ̀ ń dínkù, ó tún fẹ̀ nígbà tó ń padà bọ̀, nítorí náà ibi tó jìnnà ti ń gba agbára púpọ̀, ìyàtọ̀ díẹ̀ lára bàálù ò ní hàn níbẹ̀. Kó tó lè dé 150, ó gbọ́dọ̀ kéré sí bó ṣe wà ní ọ̀nà 16. Kó tó lè dé kìlómítà 30, àfi kó di ìdá kan nínú 10,000, ìyẹn ni pé á dà bíi góòlì irin tí kò tóbi ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Ẹni tó bá dín in kù díẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Ben Rich a máa yí góòlì irin wẹ́wẹ́ lórí tábìlì àwọn ọ̀gágun, á ní bàálù yín rèé.

Wọ́n ṣe ère tó tóbi sí i ní 1976, wọ́n gbé e lọ sí White Sands láti dán an wò. Wàhálà mìíràn dé: òpó tí wọ́n gbé ère lé ń dán lójú rédà ju ère fúnra rẹ̀ lọ! Wọ́n ní láti ṣe òpó tuntun kí wọ́n tó rí nǹkan wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ló kàn. Wọ́n ń po lúbúlúbú irin tàbí ohun tó jọ mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ ohun tó dà bí rọ́bà, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara bàálù. Ìgbì tó bá wọ inú rẹ̀ á mi àwọn lúbúlúbú yẹn, á sì di ooru díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dà yìí ò lè dá iṣẹ́ ṣe. Ìrísí bàálù ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ọ̀dà ń gbá ohun tó bá ṣẹ́kù mọ́ ni. Ó sì nílò ìtọ́jú bí ọmọ àfànítẹ̀tẹ́.

Wọ́n sọ bàálù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dán an wò ní Have Blue, ó sì kọ́kọ́ fò ní December 1, 1977. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ó kàn ṣàdédé ń dán yànràn lójú rédà. Wọ́n wá a títí. Síkúrù mẹ́ta ni wọn ò dè wọlé tán, orí wọn yọ jáde tó bíi mìlímítà mẹ́ta, Rich sì ní lójú rédà wọ́n tóbi bí ilẹ̀kùn abà. Káfíńtà àti mẹkáníìkì tó ń kàwé yìí á mọ irú ojú tí ọ̀gá á fi wo ọmọṣẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀! Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ nìyẹn: wọ́n á tún wọ̀n ọ́n, bí àmì bá ga, wọ́n á máa wá ibi tó yọ jáde, ibi tí ọ̀dà ti bó, tàbí ilẹ̀kùn tí kò pa dáadáa. Etí àwọn ilẹ̀kùn náà ni wọ́n gé bí eyín ayùn, kí ìgbì tó bá fọ́n létí má baà kọjú sí ẹni tó ń wá a.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bí F-117, tó fò ní 1981, tó sì ju bọ́ǹbù sí Bàgídáàdì ní 1991 láìsí ẹni tó lè yìn ín bọ́ lójú ọ̀run. Ó wá ku ọ̀rọ̀ Sẹ́bíà.

Ní alẹ́ March 27, 1999, àwọn sójà Sẹ́bíà tí Zoltán Dani jẹ́ ọ̀gá wọn já ọ̀kan bọ́ lẹ́bàá abúlé Buđanovci. Rédà P-18, iṣẹ́ àtijọ́ láti Rọ́ṣíà, ni wọ́n kọ́kọ́ fi fura sí i. Ìgbì tiẹ̀ gùn tó bíi mítà méjì. Ìgbì tó gùn tó ìrù bàálù kò ka ojú pẹlẹbẹ tó dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ sí, odindi ìrù tàbí apá ló ń mì pọ̀. Ọ̀dà náà ò ràn án lọ́wọ́. Irú ọ̀dà kan tó bá fẹ́ pa ìgbì sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta gbọ́dọ̀ nípọn tó ìdámẹ́rin rẹ̀, tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan. Fún ìgbì mítà méjì, ìdámẹ́rin jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50. Bàálù wo ló fẹ́ wọ irú agbádá bẹ́ẹ̀ fò?

Síbẹ̀, P-18 ò lè tọ́ka síbi tó wà gan-an, ó kàn lè sọ pé nǹkan ń bọ̀ lápá ibẹ̀ yẹn ni. Rédà kejì, tó ń darí ọta, ni wọ́n ní láti tàn, kò sì rí i àfi ìgbà tó dé nǹkan bíi kìlómítà 13. Àwọn Dani ò tan rédà yẹn ju ìṣẹ́jú àáyá bíi ogún lọ, kí àwọn Amẹ́ríkà má baà fi ìgbì rẹ̀ mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì ti mọ ọ̀nà tí àwọn bàálù náà ń gbà lálaalẹ́. Ọta méjì ni wọ́n yìn, ọ̀kan bà á. Awakọ̀ rẹ̀, Dale Zelko, fò jáde, àwọn èèyàn rẹ̀ sì wá gbé e lọ.

Dani fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó di oníbúrẹ́dì ní abúlé rẹ̀. Òun àti Zelko pàdé ní 2011, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Àfọ́kù bàálù náà wà ní mùsíọ́mù bàálù ní Bẹ̀lígíréèdì.