Onílé lè kọ ayálégbé, ṣùgbọ́n kí ìdí rẹ̀ mọ́

Bí ọ̀rọ̀ ilé gbígbà ṣe rí ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú ńlá mìíràn nílẹ̀ Yorùbá ń kọ wá lóminú. Kò sí ohun tó burú nínú pé kí onílé sọ fún ẹni tó wá gba ilé pé òun kò ní lè fún un. Bí ènìyàn mẹ́ta bá wá fún fúláàtì kan ṣoṣo, dandan ni kí ẹni méjì padà lọ́wọ́ òfo. Ohun tó burú ni ìdí tí àwọn onílé kan àti àwọn ajẹ́ńtì wọn máa ń sọ: "A kì í fún Íbò nílé", "A kò fẹ́ obìnrin tí kò lọ́kọ", "Ẹlẹ́sìn tiwa nìkan ni a ń gbà". Àwọn mìíràn kì í sọ ọ́ síta. Wọ́n á ní ilé ti lọ, bẹ́ẹ̀ pátákó tí wọ́n fi ń wá ayálégbé ṣì wà lára ògiri.

Ẹ̀yin àgbà ni a fẹ́ bá sọ èyí ní pàtàkì. Ọ̀pọ̀ yín ló ń gbé ní abúlé tàbí ìlú kékeré, ṣùgbọ́n tí ilé yín wà nígboro, tó jẹ́ pé ọmọ tàbí ajẹ́ńtì ló ń bá yín gba ayálégbé. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ yín ni wọ́n fi sọ ọ́.

Àwọn ọmọ wa náà ti jẹ nínú ìyà yìí rí. Nígbà tí wọ́n lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1950 sí 1960, àwọn onílé máa ń lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ ewì tó lókìkí lórí irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1968 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá sọ ọ́ di èèwọ̀ láti fi àwọ̀ tàbí ẹ̀yà du ènìyàn nílé. Ohun tó dùn wá nígbà náà kò yẹ kó tọ́ lọ́wọ́ wa lónìí.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, abala 42 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fẹ́ kí a fìyà jẹ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí nítorí ẹ̀yà, ìlú abínibí, ẹ̀sìn, tàbí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Lóòótọ́, ìjọba àti àwọn òfin rẹ̀ ni abala náà dojú kọ jù. Ṣùgbọ́n ti àwọn abirùn kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 kan ẹnikẹ́ni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ nítorí àìlera wọn, ìtanràn N100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, ló sì wà fún un. Onílé tó bá lé arọ tàbí afọ́jú nítorí ara rẹ̀ nìkan ti kó sọ́wọ́ òfin.

Kí wá ni onílé lè ṣe? Lójú tiwa, kó tó gbé pátákó síta ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kó kọ ohun tí ilé náà fẹ́ sínú ìwé, kó sì fún ọmọ tàbí ajẹ́ńtì rẹ̀ pé ìwé yìí nìkan ni kí wọ́n fi wọn gbogbo ẹni tó bá wá. Ẹ jẹ́ ká fi fúláàtì oníyàrá méjì kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ilé mẹ́rin ló jọ ń lo kànga kan àti kòtò ìgbẹ́ kan. Bàbá onílé kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: owó ilé jẹ́ N600,000 lọ́dún, ènìyàn kò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ, ibùgbé nìkan ni, kì í ṣe ibi iṣẹ́, ayálégbé yóò mú onídùúró méjì tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ wá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pé gbogbo rẹ̀ ni yóò gba ilé.

Ẹni mẹ́ta wá. Olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Ẹnúgù, obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, ló kọ́kọ́ dé. Ọkùnrin kejì ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́fà. Ẹnì kẹta fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìlọta sí iwájú ilé. Ọmọ bàbá fẹ́ kí wọ́n fo obìnrin yìí nítorí pé kò lọ́kọ. Bàbá yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó rí i pé ó pé gbogbo rẹ̀, ó sì fún un nílé. Àwọn méjì yòókù ló kù tí yóò dá lóhùn.

Ó pe oníyàwó náà lọ́jọ́ kejì: "Ọ̀gá mi, ẹ kú àárọ̀, ẹ ṣeun tí ẹ wá wo ilé wa. Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó wá pé ènìyàn márùn-ún ni kànga àti kòtò ìgbẹ́ wa lè gbà nínú fúláàtì yẹn. Mẹ́jọ ni yín, n kò ní lè fún yín. Owó fọ́ọ̀mù yín, N2,000, wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ọlọ́run á pèsè èyí tó tóbi jù ú lọ." Ó sọ fún ẹlẹ́rọ náà pé ibùgbé nìkan ni ilé wà fún. Kò bú ìyàwó ẹnikẹ́ni, kò sì sọ̀rọ̀ ìlú tàbí ìjọ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìdí tó sọ jẹ́ ti ilé, kì í ṣe ti ènìyàn, àti pé òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé irọ́ ni, tó bá tún fi ènìyàn méje láti ìlú rẹ̀ síbẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo àdúgbò á mọ̀. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀tanú pamọ́ sábẹ́ ìlànà. Onílé tó bá ní kí onídùúró jẹ́ ọmọ ìlú òun ti fi ẹ̀yà ṣe ìdí láti ẹ̀yìn. Ìbéèrè kan tó láti fi dán ìlànà wò: bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá pẹ̀lú ìdílé ẹni mẹ́jọ, ṣé màá kọ̀ ọ́ bákan náà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ìlànà náà kò tọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ owó. Kí onílé má ṣe gba owó ilé lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pinnu lé lórí. Ní Èkó, lábẹ́ òfin ilé gbígbà ti ọdún 2011, bí àdéhùn mìíràn kò bá sí, oṣù mẹ́fà ni ìwé ìkìlọ̀ tó yẹ ayálégbé ọlọ́dọọdún. Kíkọ̀ tí ì bá parí lórí fóònù lè wá di ọ̀rọ̀ kóòtù.

A rọ àwọn ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò kọ̀ọ̀kan láti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n sì pe àwọn ajẹ́ńtì wọn sí i. Ẹni tí kò rí ilé gbà yóò wá òmíràn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí a lé nítorí ibi tí wọ́n bí i sí kò ní gbàgbé orúkọ onílé náà.