Ẹ yéé yí fọ́tò yín sí PNG torí kó lè mọ́ kedere

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Mo tún rí fídíò kan lánàá, tí ẹnì kan ń sọ pé ká yí gbogbo fọ́tò wa sí PNG ká tó fi wọ́n pamọ́, pé wọ́n á mọ́ kedere. Irọ́ ni o. PNG kì í ṣe babaláwo.

Bí JPEG ṣe ń dín fọ́tò kù ni pé ó ń ju àwọn nǹkan tí ojú wa kì í tètè rí nù. Ohun tó bá ti jù nù, ó ti lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá yí JPEG yẹn sí PNG, PNG ò ní yọ nǹkan kan kúrò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n á tọ́jú àbùkù tó bá níbẹ̀ náà ni. Bí ẹni bu ọbẹ̀ tó ti jóná sínú abọ́ tuntun ni.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Fọ́tò áífóònù kan sábà máa ń tó nǹkan bíi MB 2 tó bá jẹ́ HEIC, bíi MB 4 tó bá jẹ́ JPEG. Ẹ yí i sí PNG, ó lè tó MB 20! Ká ní fọ́tò ọjọ́ ìbí màmá yín jẹ́ 600: HEIC á gba bíi GB 1.2, PNG á gba bíi GB 12. Fọ́tò kan náà o. Ta ló fẹ́ ra dátà yẹn?

PNG ní iṣẹ́ tiẹ̀. Sikirinṣọ́ọ̀tì, lógò tí kò ní ẹ̀yìn, fíláyà tó kún fún ọ̀rọ̀, PNG ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi JPEG tọ́jú fíláyà, kẹ́ ẹ wá fẹ ojú ẹ̀ dáadáa: ẹ máa rí èérí wúruwùru létí àwọn lẹ́tà.

HEIC tí áífóònù ń lò láti ọdún 2017 ńkọ́? Ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn ẹ̀ ni pé àwọn kọ̀ǹpútà kan ò lè ṣí i, àwọn ojúlé ìforúkọsílẹ̀ míì náà sì máa ń kọ̀ ọ́. Àwọn kan á wá pa orúkọ fáìlì dà láti `.heic` sí `.jpg`. Orúkọ nìkan lẹ pa dà o, inú ẹ̀ ṣì jẹ́ HEIC.

Èmi ò ní pa HEIC rẹ́, torí òun gan-an ni kámẹ́rà yà. Ẹ̀dà JPEG ni mo máa ń ṣe fún ẹni tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ gbé fọ́tò náà sínú Files, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, Quick Actions, Convert Image, kẹ́ ẹ mú JPEG. Tó bá jẹ́ Wasáàpù lẹ ń gbà, ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Wasáàpù á tún un fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí kámẹ́rà máa ya JPEG láti òní lọ, Settings, Camera, Formats, Most Compatible. Àwọn tẹ́ ẹ ti yà tẹ́lẹ̀ á ṣì wà bí wọ́n ṣe wà.