Ẹni tó sùn lórí ìwé, kó má fìyà jẹ ara ẹ̀

Oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá ni ìdánwò àwọn akáúńtáǹtì máa ń wáyé nílẹ̀ wa. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é l'Ékòó pọ̀, owó tí wọ́n sì ń san kí wọ́n tó jókòó ṣe é kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fìdí rẹmi níbẹ̀, kì í ṣe ọpọlọ ni wọn ò ní. Ìwé ni wọn ò ráyè kà.

Ẹ jẹ́ ká mú un pé obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé owó n'Íkẹjà, Ìkòròdù ló sì ń gbé. Ó pinnu pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, òun yóò máa kàwé fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta láago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, òun yóò sì ka wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé. Alẹ́ Tọ́sìdeè dé, kò sí iná, gosiló ti tán an lókun, ló bá sùn lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pe ara ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ó ní òun ò ní wo fíìmù kankan mọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, wákàtí mẹ́rin lòun yóò sì kà ní Sátidé. Òde ìyàwó wà ní Sátidé, wákàtí mẹ́rin ò ṣeé ṣe. Ló bá ní ọ̀sẹ̀ náà kúkú ti bàjẹ́, ó dọjọ́ mìíràn.

Alẹ́ kan péré ló sọnù lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyà tó bù fún ara ẹ̀ ló pa Sátidé mọ́ ọn.

Lọ́dún 2010, Michael Wohl àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Carleton, lórílẹ̀-èdè Kánádà, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìwé kíkà falẹ̀ kí ìdánwò àkọ́kọ́ tó dé. Nínú wọn, àwọn tó dárí ji ara wọn ni kò falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí ìdánwò kejì ń bọ̀. Kò ṣòro láti mọ ìdí. Ẹni tó ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi, bó bá ti fojú kan ìwé, ẹ̀bi yẹn ló ń rí, yóò sì máa sá fún un.

Ohun tí obìnrin wa yìí nílò ni ẹnì kan tó máa jábọ̀ fún. Kó má ṣe ọkọ ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìwé yóò wọ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, kó má sì ṣe ọ̀gá ẹ̀. Ẹni tó bá ní ètò tiẹ̀ náà ló dáa jù, bí àǹtí kan ní ọ́fíìsì tó ń gbìyànjú láti máa fẹsẹ̀ rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àǹtí ni kó máa pè, láago méje alẹ́ Sátidé, ìbéèrè méjì péré ni yóò sì bi í: ẹ̀ẹ̀melòó lo kà, kí ló dí ìyókù lọ́wọ́?

"Àǹtí, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Mo sùn lọ́jọ́ Tọ́sìdeè."

"Ó dáa. Aago mélòó lo máa ń dé ọ́fíìsì láàárọ̀?"

"Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, kí gosiló má bàa ká mi mọ́ ọ̀nà."

"Aago mẹ́jọ sì nìwọ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. O ò ṣe gbé ti Tọ́sìdeè síbẹ̀?"

Èébú ò sí ńbẹ̀, owó ìtanràn ò sí. Alẹ́ Tọ́sìdeè ni wọ́n tún ṣe, wọn ò tún obìnrin náà ṣe. Ìwé tó sì ti kọjá, ó ti kọjá nìyẹn, kò ní dì í mọ́ tọ̀la.

Ẹ̀bùn náà ń kọ́? Fíìmù tó fẹ́ fi du ara ẹ̀ yẹn gan-an ni. Bó bá ti pa ìwé dé, kó wo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe ló ń gbẹ̀bùn lé lórí, kì í ṣe máàkì tí yóò gbà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí kò bá kàwé lálẹ́ ọjọ́ kan, fíìmù ọjọ́ yẹn lásán ni kò sí, ti ọjọ́ kejì ń dúró dè é. Bó bá sì ń wo fíìmù ṣáájú ìwé, kò sí ẹ̀bùn mọ́, oorun ló ń pè.

Ti ọ̀sẹ̀ ni sùyà alẹ́ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin ti tó fún un. Àyè ẹyọ kan yẹn kì í ṣe ìmẹ́lẹ́: Marissa Sharif àti Suzanne Shu fi hàn lọ́dún 2017 pé àwọn tí wọ́n gbé ètò tó le fún, tí wọ́n sì fún láyè ìgbà díẹ̀ tó lè yẹ̀, tẹ̀ síwájú ju àwọn tí wọn ò fún láyè rárá.

Ó lè bàjẹ́ o. Bí obìnrin náà bá ń purọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun kà, tàbí tí kì í gbé fóònù bó bá ti di aago méje, Àǹtí ti di tíṣà nìyẹn. Kí wọ́n jọ padà sórí ìbéèrè méjì yẹn, tàbí kó wá ẹlòmíì. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń kà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra, tí Àǹtí ṣì ń sọ pé kò burú, ètò náà ló wúwo jù. Kí wọ́n sọ ọ́ di ogún ìṣẹ́jú.