Èló Ni Kí Ẹ Ta Fóònù Àlòkù Yín?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa, iye tí ẹ fi ra fóònù kọ́ ló máa sọ iye tí ẹ ó tà á. Iye tí ẹlòmíràn kọ sára tirẹ̀ náà kọ́: ohun tí ọlọ́jà ń pè yàtọ̀ sí ohun tí oníbàárà san. Lórí eBay, ẹ tẹ orúkọ fóònù náà, kí ẹ sì yan Sold items. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn tó tà lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi iPhone 13 tó jẹ́ 128 GB ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní márùn-ún tà lọ́sẹ̀ yìí: £170, £175, £180, £185 àti £240. Ẹ má ro wọ́n pọ̀ kí ẹ wá pín in, torí £240 yẹn nìkan á gbé iye náà sókè. Ẹ mú èyí tó wà láàárín, ìyẹn £180.

Ó wá kan bátìrì. Nínú Settings, ẹ tẹ Battery, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Battery Health sí. Maximum Capacity ń sọ bí agbára tó kù ṣe tó sí ti ìgbà tó wà ní tuntun. Bó bá ti wọ ìsàlẹ̀ 80%, oníbàárà ti ń ro owó bátìrì mìíràn mọ́ ọn. Ká ní tiyín jẹ́ 79%, tí oníṣẹ́ fóònù sì pe £80 láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má yọ gbogbo £80, torí bátìrì àwọn tó tà ní £180 náà kì í ṣe tuntun. Ẹ yọ bí ìdajì. Ó ku £140. Ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tà, torí owó yẹn kì í sábà padà wọlé tán.

Ìhá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù kì í dín owó kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí gíláàsì bá ti sán, ẹ má fi wé àwọn tó pé. Àwọn tó sán bíi tiẹ̀ tó ti tà ni kí ẹ wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àdúgbò. Ẹ béèrè iye tí àwọn ṣọ́ọ̀bù fóònù, bíi ti Rye Lane ní Peckham, yóò san. Yóò kéré, torí àwọn náà fẹ́ jèrè. Ẹ má ta á ju bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà lè san jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yóò béèrè bóyá wọ́n ti fóònù náà mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Nínú Settings, ẹ tẹ General, lẹ́yìn náà About. Níwájú Carrier Lock, ó yẹ kó kọ No SIM restrictions. Bí kò bá kọ ọ́, owó rẹ̀ á já wálẹ̀.

Nítorí náà, ẹ pe £155, kí ẹ gbà á ní £140. Ẹ pa Find My níwájú oníbàárà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní lè lò ó.