Kí Òbí Tó Ta Ilẹ̀ Nítorí Físà Sípéènì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ físà tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo rẹ̀ báyìí ti tó ohun tí àgbà gbọ́dọ̀ dá sí, nítorí owó tí àwọn alágàta físà ń bèèrè kì í sábà ti àpò ọmọ nìkan wá. Ilẹ̀ bàbá, oko kòkó àti owó àjọ ìyá ni wọ́n sábà máa ń fojú sí.

Físà náà ni èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ń fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wáṣẹ́ lọ sí ibi tó ń lọ, iṣẹ́ tó ti ní lọ́wọ́ ló ń gbé lọ. Orílẹ̀-èdè Sípéènì fi tirẹ̀ sínú Òfin 28/2022, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ẹni tó bá gbà á ní ọ́fíìsì aṣojú Sípéènì láti ilé máa ń gba ọdún kan, ó sì lè gba ìwé ìgbélùú tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Nǹkan gidi ni, kì í ṣe jìbìtì. Àmọ́ jìbìtì lè wọ ara nǹkan gidi bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan náà kò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni iye owó oṣù tí wọ́n ń fẹ́. Òfin sọ pé owó tó ń wọlé fún ẹni tó fẹ́ físà náà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ní Sípéènì. Ní ọdún 2025, owó tó kéré jù lọ náà jẹ́ 1,184 yúrò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, wọ́n á ní 2,368 yúrò ti tó. Kò tó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá lọ́dún ni wọ́n ń san owó oṣù yìí ní Sípéènì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀méjìlá. Bí a bá kó ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá náà jọ tí a sì pín in sí oṣù méjìlá, ó di 1,381 yúrò lóṣù. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 2,763 yúrò. Ní ọdún 2025 náà, ẹni tó bá fẹ́ mú ọkọ tàbí aya dání gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 1,036 yúrò kún un, lẹ́yìn náà nǹkan bí 345 yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá tún kù. Ìjọba ibẹ̀ sì máa ń gbé owó tó kéré jù lọ náà sókè lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà iye ti ọdún tí ènìyàn fẹ́ béèrè ló yẹ kó wò.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ibi tó le jù. Ọwọ́ ọ̀gá iṣẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ físà yìí wà, ohun tí àwọn alágàta kì í sì í fẹ́ sọ nìyẹn.

Bí àpẹẹrẹ, bí ọmọbìnrin kan bá jókòó sí Ìbàdàn, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ń gba 3,000 yúrò lóṣù, ó ti la ẹnu ọ̀nà owó kọjá fún ara rẹ̀ nìkan. Bó bá fẹ́ mú ọkọ rẹ̀ lọ, owó náà kò tó mọ́. Ìwé tó kàn ni ti ọ̀gá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba hàn pé ó ti ń ṣiṣẹ́ gidi fún ọdún kan, ó kéré tán. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ọmọbìnrin náà ti bá òun ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, kó tó béèrè fún físà. Ó gbọ́dọ̀ sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, iye tó ń gbà, pé iṣẹ́ náà ṣe é fi kọ̀ǹpútà ṣe láti ọ̀nà jíjìn, àti pé òun fọwọ́ sí i kó máa ṣe é láti ibẹ̀. Ó dára kí lẹ́tà náà dárúkọ Sípéènì gan-an. Èyí tó kàn sọ pé òṣìṣẹ́ lè ti ilé ṣiṣẹ́ lè má tẹ́ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́rùn. Lẹ́yìn èyí, òun fúnra rẹ̀ á mú ìwé ẹ̀rí yunifásítì tàbí ẹ̀rí pé ó ti ṣe irú iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́ta wá.

Lẹ́yìn lẹ́tà yìí ni ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ padà tún kàn. Òṣìṣẹ́ tó bá ń gbé ní Sípéènì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú òṣìṣẹ́ níbì kan. Bí orílẹ̀-èdè tó ti wá bá ní àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú Sípéènì, ìwé ẹ̀rí láti ilé lè tó. Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà ní Ìbàdàn yìí kò sì sí nínú ètò ti Bìrìtìkó, nítorí kò gbé ibẹ̀ rí. Ohun tó kù ni kí ilé-iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù náà lọ forúkọ sílẹ̀ ní Sípéènì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá iṣẹ́, kí ó sì máa san owó náà lórí rẹ̀. Ìpín ti ọ̀gá iṣẹ́ tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 owó oṣù. Lórí 3,000 yúrò, nǹkan bí 900 yúrò ni lóṣooṣù, ọ̀gá ni yóò san án lé owó oṣù. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò ní gbà. Wọ́n á tún bẹ̀rù pé kí ìjọba Sípéènì má lọ sọ pé àwọn ti ní ẹ̀ka níbẹ̀, kí ó sì máa bu owó orí lé èrè wọn. Ọ̀gá tó fẹ́ràn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dáadáa lè kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda lónìí, kó sì kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀ lọ́la. Físà náà dúró níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà kejì wà. Ẹni tó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ olówó oṣù, ni yóò forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Sípéènì nígbà tó bá débẹ̀, yóò sì máa san owó ìfẹ̀yìntì náà látinú àpò ara rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ kò ní láti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣì nílò ẹ̀rí oṣù mẹ́ta, ẹ̀rí ọdún kan ilé-iṣẹ́ náà àti ìwé àdéhùn tó gba iṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ó tiẹ̀ lè gba iṣẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì, bí kò bá ti ju ìdá 20 nínú 100 iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí ló fà á tí ọ̀nà agbaṣẹ́ṣe fi rọrùn fún àwọn ọmọ wa ju ti olówó oṣù lọ.

Ṣùgbọ́n owó orí wà níwájú. Ẹni tó bá lo ju ọjọ́ 183 lọ ní Sípéènì láàárín ọdún kan ti di ẹni tó ń san owó orí níbẹ̀. Àwọn alágàta máa ń polongo pé ìdá 24 nínú 100 péré ni àlejò ń san. Òótọ́ ni pé irú ètò bẹ́ẹ̀ wà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ènìyàn béèrè fún un láàárín oṣù mẹ́fà tó forúkọ sílẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn olówó oṣù ni ètò náà wà fún ní pàtàkì. Agbaṣẹ́ṣe lásán kì í sábà wọ inú rẹ̀. Ọ̀pá ìwọ̀n gbogbo ará ìlú ni wọn yóò lò fún un, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdá 19, tó sì ń gùn sókè bí owó ṣe ń pọ̀.

Ẹni tó ń gba 3,000 yúrò kò tiẹ̀ ní láti banú jẹ́ lórí ìyẹn, nítorí ìṣirò fi hàn pé lórí 36,000 yúrò lọ́dún, ọ̀pá ìwọ̀n ará ìlú kò wúwo ju ìdá 24 náà lọ. Àwọn tí owó wọn pọ̀ ni ìdá 24 ń dáàbò bò. Ibi tí ó ti lè dun agbaṣẹ́ṣe ni pé òfin gbogbogbòò ń ka owó tó ń wọlé fún un níbi gbogbo lágbàáyé. Bí bàbá bá ti fi ilé onírẹ́ǹtì ní Abẹ́òkúta sí orúkọ ọmọ náà, Sípéènì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè nípa rẹ́ǹtì yẹn.

Nàìjíríà náà kò ní dákẹ́. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 kì í ka ọjọ́ nìkan, ó tún ń wo ibi tí ilé àti ìdílé ènìyàn wà. Ẹni tó fi aya àti ọmọ sílé ṣì lè jẹ́ ará ilé lójú òfin owó orí. Àdéhùn wà láàárín Nàìjíríà àti Sípéènì láti ọdún 2015 kí ẹnikẹ́ni má baà san owó orí ẹ̀ẹ̀mejì lórí owó kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa ìwé ẹ̀rí ohun tó san mọ́ ni àdéhùn náà yóò gbè.

Nígbà tí a bá wá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun kan hàn kedere tó yẹ kí gbogbo òbí fi sọ́kàn. Ẹni tó yẹ fún físà yìí ti ń gba iye tí Sípéènì ń béèrè tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣooṣù, fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán, láti ọwọ́ ọ̀gá tó ṣeé fojú rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò kí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀. Ọmọ tó sì nílò kí bàbá ta ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé físà náà kò tíì tọ́ sí i. Alágàta tó bá sọ pé òun yóò bá a wá lẹ́tà ọ̀gá iṣẹ́ kò ta físà fún un, ìwé irọ́ ló ń tà. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò yóò fi àkọsílẹ̀ báńkì wé lẹ́tà náà, wọn yóò wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà nínú ìwé ìjọba, bí kò bá sì bára mu, ọmọ náà ló máa jìyà rẹ̀, kì í ṣe alágàta.

Nítorí náà, kí àgbà tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni kó bi ọmọ rẹ̀. Ta ni ọ̀gá rẹ, oṣù mélòó lo sì ti bá a ṣiṣẹ́? Ṣé ó ti kọ lẹ́tà pé kí o máa ti Sípéènì ṣiṣẹ́? Ta ni yóò máa san owó ìfẹ̀yìntì rẹ níbẹ̀, òun ni tàbí ìwọ? Bí ọmọ bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí àgbà súre fún un. Bí kò bá lè dáhùn ọ̀kan nínú wọn, kí ilẹ̀ dúró síbi tó wà.