Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Ṣáájú Ìdánwò: Ẹ Gbé Síláìdì Sílẹ̀, Ẹ Mú Pẹ́ńsù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi,

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ìdánwò lórí ètò aṣàkóso kọ̀ǹpútà, ìyẹn ọpuréètìn sísítẹ̀mù, wọlé. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín níbí ní Àtìláńtà ló ń fi iṣẹ́ owó pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́, nítorí náà n kò ní sọ pé kí ẹ má sùn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ yí ọ̀nà tí ẹ ń gbà kàwé padà.

Èrò mi rèé: àkàsórí kò lè gbà yín nínú ẹ̀kọ́ yìí. Mo ti máàkì ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan rí tó sọ ìtumọ̀ dẹ́ẹ̀dìlọ́ọ̀kì láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e gbé ìlà kóòdù mẹ́fà kalẹ̀, dẹ́ẹ̀dìlọ́ọ̀kì sì wà nínú rẹ̀. Kò rí i. Ṣé ẹ rí i, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ń bi wá: lásìkò yìí, ta ló wà lórí síípíyù, kí ló sì mọ̀? Àtẹ tí ẹ fọwọ́ ara yín yà ló lè dáhùn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ta ló kàn?

Ẹ ro ó bí ìlà níwájú ẹni tó ń ta àmàlà. Iṣẹ́ mẹ́ta dé lẹ́ẹ̀kan náà: A nílò ìṣẹ́jú 30, B nílò 6, C nílò 3. Bí a bá tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe tò, A yóò parí ní 30, B ní 36, C ní 39. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta, ó jẹ́ 35. Bí a bá fi èyí tó kéré jù ṣáájú, wọn yóò parí ní 3, 9 àti 39, èyí tó jẹ́ 17.

Ẹ wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n máa yí i ká. C yóò parí ní 9, B ní 15, A ní 39, ìyẹn 21. Àbí ó burú ju 17 lọ? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ wo ìgbà tí ọwọ́ kọ́kọ́ kan ẹnì kọ̀ọ̀kan: 0, 3 àti 6. Kò sẹ́ni tó dúró ju ìṣẹ́jú 6 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà tiyín ṣe irú rẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ọwọ́ méjì nínú àpò kan

Ibí ni ẹ̀yin púpọ̀ ti ń ṣubú, torí náà ẹ fún un lákòókò ju ti ìyókù lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé owó àjọ wà nínú kọ̀ǹpútà, dọ́là 100. Táíwò fẹ́ fi 50 kún un, Kẹ́hìndé fẹ́ fi 20 kún un. Tíréẹ̀dì méjì ni wọ́n, wọ́n jọ ń lo mẹ́mọ̀rì kan náà. Ó yẹ kó di 170. Lójú yín, ìlà kan ni kóòdù náà, àmọ́ mẹ́ta ni lójú síípíyù:

```
load  r, ajo
add   r, 50
store r, ajo
```

Táíwò ka 100 sínú rẹ́jísítà rẹ̀. Kó tó fi nǹkan kan kún un, aago inú ẹ̀rọ dún, ètò aṣàkóso sì gba síípíyù lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́hìndé wọlé, ó ka 100, ó fi 20 kún un, ó kọ 120 sílẹ̀. Táíwò padà dé. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ni 100 àtijọ́, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé. Ó fi 50 kún un, ó kọ 150. Dọ́là 20 Kẹ́hìndé ti wọmi nìyẹn, kò sì sí àṣìṣe kankan tó hàn lójú ẹ̀rọ.

Ẹ kọ ọ́ ní C, kí tíréẹ̀dì méjèèjì máa fi 1 kún nọ́ńbà kan nígbà mílíọ̀nù kan. Ẹ fi `gcc -O0 -pthread` kọ́ ọ, ẹ sá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí èsì bá ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, àìsàn náà nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún `-O2` o: ó lè sọ gbogbo àyípo náà di ìròpọ̀ kan ṣoṣo, kí èsì wá dà bíi pé ó pé. Èsì tó pé kò fi hàn pé kóòdù pé.

Oògùn rẹ̀ ni àgádágodo, `pthread_mutex_lock`, yí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká. Àmọ́ bí àgádágodo bá di méjì, tí Táíwò di àkọ́kọ́ mú tó ń dúró de èkejì, tí Kẹ́hìndé di èkejì mú tó ń dúró de àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó máa kúrò níbẹ̀ mọ́. Dẹ́ẹ̀dìlọ́ọ̀kì nìyẹn. Bí gbogbo ènìyàn bá ń mú wọn ní ẹsẹẹsẹ kan náà, kò lè ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: àyè kò tó

Ọjọ́ Ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà máa ń bọ́ sí ìgbà yìí, torí náà mo fi iṣẹ́ tí kò nílò ju ìwé àti pẹ́ńsù lọ síbẹ̀. Pééjì tí ètò kan fẹ́ lò nìwọ̀nyí, lẹ́sẹẹsẹ: 1 2 3 4 1 2 5 1 2 3 4 5. Mẹ́mọ̀rì ní àyè mẹ́ta. Bí kò bá sí àyè mọ́, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni yóò jáde. Ẹ ka iye ìgbà tí a ní láti lọ gbé pééjì wá láti dísìkì: 9 ni. Ẹ wá fún un ní àyè mẹ́rin. Ó di 10! A fi àyè kún un, ó tún burú sí i. László Bélády àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM kọ̀wé nípa ohun ìyàlẹ́nu yìí ní 1969. Bí ẹ bá yọ èyí tó ti pẹ́ jù tí a ti lò, yóò jẹ́ 10 fún àyè mẹ́ta, 8 fún mẹ́rin. Ẹ má gbà mí gbọ́, ẹ yà á.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: iná lọ

Ẹni tó bá gbé Nàìjíríà rí yóò tètè lóye èyí. Láti fi búlọ́ọ̀kì kan kún fáìlì, ohun mẹ́ta la ń kọ sí dísìkì: dátà fúnra rẹ̀, ínóòdù tó sọ ibi tí dátà wà, àti àkọsílẹ̀ àyè tó ṣófo. Ẹ fojú inú wò ó pé iná lọ lẹ́yìn tí a kọ ọ̀kan péré. Bó bá jẹ́ dátà nìkan, fáìlì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ínóòdù nìkan, fáìlì ń tọ́ka sí pàǹtírí. Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ àyè nìkan, àyè kan ti sọnù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ètò fáìlì fi ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sínú ìwé ìròyìn ara wọn kí wọ́n tó ṣe é.

Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ mú ìbéèrè àtijọ́, ẹ fi aago síwájú, ẹ dáhùn láìwo ìwé. Àtẹ tí ẹ kò bá lè yà parí, òun ni ẹ ó padà sí. Bí ọ̀kan bá lé yín sẹ́yìn, ẹ mú ìwé tí ẹ yà á sí wá sí ọ́fíìsì mi. Ẹ má mú síláìdì wá o.

Èmi ni,
olùkọ́ yín.