Péésílíìpù Oṣù Kẹfà

Inú agolo bisikíìtì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti yọ ọ́: bébà pélébé tí ihò wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀ méjèèjì, tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣá débi pé ẹ̀bá fèrèsé la gbé e lọ ká tó rí i kà. Péésílíìpù oṣù kẹfà ọdún 2004 ni. Ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì ti ní kó kó ìwé rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù yẹn? Ọdún 2004 ni òfin ìfẹ̀yìntì tuntun dé, tó di pé wọ́n ń yọ lára owó oṣù sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́. Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú ò ní í pàdánù àwọn ọdún tó ti lò. Ìjọba á ṣírò ohun tó tọ́ sí i títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà ọdún náà, á sì san án sínú àkáǹtì rẹ̀ nígbà tó bá fẹ̀yìntì. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ló ń sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Péésílíìpù yẹn ló ń sọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì àti sítẹ́ẹ̀pù tó dé.

Ọ̀rọ̀ ta kókó níbẹ̀. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 ni péésílíìpù rẹ̀ kọ, bẹ́ẹ̀ ó ti bọ́ sí 9 láti oṣù kìn-ín-ní. Lẹ́tà ìgbéga ni kò tètè jáde, àfi ní oṣù kọkànlá (ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, èyí ò ní í yà á lẹ́nu). Ká ní péésílíìpù nìkan ló tọ́jú ni, orí owó 8 ni wọn ì bá ti ṣírò. A tú agolo náà dé ìsàlẹ̀ ká tó rí lẹ́tà ọ̀hún. Kì í ṣe ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀ la ń wá, bí kò ṣe ìlà tó ní ìgbéga náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2004.

Orúkọ bàbá rẹ̀ ló tún wà lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́, torí kò tíì relé ọkọ nígbà náà. Ojú ewé ìwé ìròyìn tó fi kéde orúkọ tuntun, òun àti ìwé ìbúra kóòtù, ló so ẹni méjèèjì pọ̀.

Ilé iṣẹ́ aládàáni lèmi ń bá ṣiṣẹ́, ọ̀ràn 2004 ò kàn mí. Péésílíìpù oṣooṣù ni tèmi. Owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ mi jẹ́ 200,000 náírà. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ mi jẹ́ 16,000, ìdá mẹ́wàá tiwọn jẹ́ 20,000. Òfin ní kí 36,000 náà wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí mo bá gbowó. Lálẹ́ ọjọ́ tí a tú agolo yẹn, mo gbé ìwé àkáǹtì mi ti àwọn péésílíìpù mi. Oṣù méjì ni wọ́n yọ 16,000 tí kọ́bọ̀ ò wọlé. Mo ti ṣe ẹ̀dà méjèèjì, mo ń gbé wọn lọ bá ọ̀gá àkáǹtì lọ́jọ́ Ajé.